Iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn: ìgbà wo ni òwe ń di ẹ̀rí nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ?

Ọmọ Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mò ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ másítáàsì lórí oúnjẹ àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ kí òyìnbó tó dé. Mo kọ ọ́ ní orí kẹta pé iyán ni àwọn baba ńlá wa ń jẹ jù, mo sì fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: "Iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Alábòójútó mi fi gègé pupa fà á, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé: "Òwe kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí dà?" Bẹ́ẹ̀, ní ìpàdé ẹbí tiwa, òwe ni wọ́n fi ń parí ẹjọ́. Ìgbà wo gan-an ni òwe ń di ẹ̀rí nínú ìwé?

Àdùnní Ọ̀yẹ́

Má jẹ́ kí gègé pupa yẹn bà ọ́ lẹ́rù. Àwọn baba wa kò kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi tọ́jú ohun tí wọ́n mọ̀, òwe sì wà lára àpò tí wọ́n kó o sí. Bí a bá ní òwe kì í ṣe ẹ̀rí, kí ló kù tí a ó fi kọ ìtàn Èkìtì? Ṣé ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nìkan ni? Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí kò gbọ́ èdè wa, tí wọ́n ń kọ ohun tí ògbufọ̀ bá sọ fún wọn?

Òwe tí kì í bá ṣe òótọ́, àwọn àgbà ì bá ti jù ú nù tipẹ́. N kò tíì rí òwe Yorùbá kan tó purọ́. Fi tìrẹ sílẹ̀ síbẹ̀, kí o kàn kọ "gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí" síwájú rẹ̀. Ẹ̀mí àìfẹ́ gba ti ilé ẹni ló ń dààmú àwọn kan ní yunifásítì.

Bàbá Olùkọ́ (Adó)

Àdùnní, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí a fi ẹnu sọ lè jẹ́ ẹ̀rí. Ìdajì kejì, pé òwe kò lè purọ́, ibẹ̀ ni a ti yapa. Òwe kì í purọ́, kì í sì í sọ òótọ́, nítorí kì í ṣe ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí.

Ní ìpàdé ẹbí kan tí mo jókòó sí níhìn-ín ní Adó, ọ̀rọ̀ owó oko kòkó ló délẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ní kí wọ́n máa kọ iye kòkó tí wọ́n bá tà sínú ìwé. Bàbá kan dáhùn pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ohun tó ń sọ ni pé kí ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ fáwọn tó dàgbà jù ú lọ. Ilé dákẹ́. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Tótó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà náà lẹ ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀." Wọ́n ní, "Wàá pa òmíràn." Ilé tú ká sí ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ sì tún padà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá yẹn pé òwe rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ọjà wo, ọmọ tuntun wo. Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé òwe yìí bá ọ̀rọ̀ yìí mu? Bàbá náà kò sọ pé "èmi ni mo wí." Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lé àwọn tó ti kú lórí, ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó ti di ẹni tó ń bá gbogbo àgbà jà. Ọ̀nà àbáyọ tí àṣà fi sílẹ̀ fún ọmọ náà ni pé kí òun náà wá òwe mìíràn lẹ́nu àwọn àgbà kan náà, kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè kí ó tó pa á. Ìyẹn ni agbára òwe láwùjọ. Ìjókòó ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìjókòó ló ń gbà á tàbí kí ó fi òmíràn dá a dúró.

Nígbà tó yá, ohun tó parí ọ̀rọ̀ náà ni rìsíìtì àwọn tó ń ra kòkó, tí ìyàwó ilé kan ti ń kó pamọ́ sínú agolo bisikíìtì láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Òwe ló jẹ́ kí wọ́n lè fohùn pẹ̀lẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Rìsíìtì ló sọ iye kòkó tí wọ́n tà.

Ọmọ Olósùnta, nígbà tí o gbé òwe sórí ìwé, o kò gbé ìjókòó náà dání. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ rẹ kò lè sọ fún ọ pé wàá pa òmíràn, kò sì lè fi tirẹ̀ dá ọ lóhùn. Ìdí nìyẹn tí alábòójútó rẹ fi ń béèrè rìsíìtì.

Wá wo òwe tìrẹ fúnra rẹ̀, kí o tẹ́tí sí i dáadáa. Kò sọ pé iyán ni a ń jẹ jù. Ipò ló ń tò: èyí tó yẹ kí a pè ní oúnjẹ, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ oògùn fún ebi, èyí tí a ń jẹ nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, àti èyí tó kàn ń mú kí ẹnu má dilẹ̀. Ẹni tó bá ń rí iyán jẹ lójoojúmọ́, kí ni yóò fi "àìrí rárá" ṣe? Òwe náà ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ọjọ́ àìrí wà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun, ẹ̀rí ohun tí àwọn tó ń pa á kà sí iyì ni. Ohun tí wọ́n kà sí iyì àti ohun tó wà nínú ìkòkò wọn lè jìnnà síra.

Màmá Oníyán (Ìkọ̀lé)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Ta ló ní iyán kì í ṣe oúnjẹ? Ẹni náà kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ta iyán, n kò sì rí oúnjẹ tó tó o. Uyán gidi, tí a gún tí kò ní kókó, tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dúró tì í!

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bi mí bóyá iyán là ń jẹ lójoojúmọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, rárá o. Bí iṣu tuntun bá jáde, à ń gún un títí apá fi ń ro wá. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọyẹ́ fi ń mú. Tí òjò bá ti wá bẹ̀rẹ̀, tí bàbá wa ti kó èbù lọ gbìn, ohun tó bá kù lábà kò tó nǹkan, òmíràn ti hu, òmíràn ti jẹrà. Ìgbà yẹn ni èlùbọ́ ń wúlò. Iṣu tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn wẹ́wẹ́ ni ìyá mi ti bó, tó ti bọ̀, tó ti sá gbẹ sórí àpáta. Ọkà là ń jẹ ní alẹ́, ẹ̀kọ ní àárọ̀. Kí iṣu tuntun tó tún dé, oṣù méjì ló ń wà níbẹ̀ tí a kì í gbọ́ ìró odó ládùúgbò. Bí ẹnìkan bá gún iyán nígbà yẹn, gbogbo ilé ló ń mọ̀ pé àlejò pàtàkì ló dé sí wọn.

Ọmọ Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin rò pé ìdíje iyán àti ọkà ni mo ń béèrè, àmọ́ ohun tí ẹ sọ yìí ti ṣí mi lójú ju ìdáhùn lọ. Ṣé mo lè wá sọ́dọ̀ yín ní Ìkọ̀lé kí n fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀?

Bàbá, kí ni mo fẹ́ fi òwe náà ṣe báyìí? Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá ni?

Agbẹjọ́rò Ìjerò

Ẹ jẹ́ kí n fi ti kóòtù kún un, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹbí èmi fúnra mi. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, àṣà ìbílẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tó bá pè é gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àfi èyí tí kóòtù lè gbà láìsí ẹlẹ́rìí nítorí pé ó ti hàn gbangba sí i. Abala 16 ló sọ bẹ́ẹ̀. Abala 70 fàyè gba èrò àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti ẹni tó mọ àṣà náà dunjú, pẹ̀lú ìwé tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí atọ́nà òfin wọn. N kò rí òwe níbẹ̀.

Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tiwa, bàbá àgbà kan bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Wọ́n bi í bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ ẹbí. Òwe mẹ́ta ló pa léraléra, ó dùn létí, àwa tí a jókòó ń mi orí. Agbẹjọ́rò ẹ̀gbẹ́ kejì dìde, ó bi í lẹ́yọ ìbéèrè kan péré: "Bàbá, ẹ dárúkọ ẹnìkan nínú ẹbí yìí tí wọ́n pín ilẹ̀ fún báyìí." Bàbá kò rí orúkọ kankan dá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti pàdánù.

Nítorí náà, mo fara mọ́ alábòójútó: òwe kì í ṣe ẹ̀rí, ó parí.

Bàbá Olùkọ́ (Adó)

Agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹjọ́ yín bá ọ̀rọ̀ wa mu dáadáa, ṣùgbọ́n "ó parí" yẹn ti yá jù. Kóòtù fẹ́ mọ òfin tó de àwọn olùpẹ̀jọ́ lónìí, kí ó lè dá ẹjọ́ kan. Òpìtàn fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe, ohun tí wọ́n ń rò, àti bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí òwe má wúlò fún ìbéèrè àkọ́kọ́, kí ó sì wúlò gan-an fún èyí tó kẹ́yìn. Ẹ tún wo ti ọba àti ìjòyè tí òfin fàyè gbà: bí ọmọ yìí bá lọ bi ìjòyè kan nípa ìtàn ìlú, ó ní láti rántí pé ìjòyè náà ní oyè tó ń dáàbò bò. A gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀rí tirẹ̀ náà wò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè agbẹjọ́rò yẹn, "ẹ dárúkọ ẹnìkan," ìbéèrè rere ni fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ̀wé.

Ọmọ Olósùnta, má yọ òwe náà. Yí ohun tí o fẹ́ kó jẹ́rìí sí padà ni. Gbólóhùn rẹ àtijọ́ ní: "Iyán ni àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń jẹ jù láyé àtijọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ pé iyán lóúnjẹ." Ohun méjì tí kò jọra lo so pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú "ìdí nìyẹn." Gbìyànjú báyìí: "Nígbà tí mo bi ìyá kan tó ń ta iyán ní Ìkọ̀lé léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ nígbà èwe rẹ̀, ó sọ pé iyán kò sí lójoojúmọ́, pé ọkà àti ẹ̀kọ ni wọ́n ń jẹ kí iṣu tuntun tó dé. Síbẹ̀ iyán nìkan ló pè ní oúnjẹ gidi. Ìtòsípò yìí náà ló wà nínú òwe tó gbajúmọ̀ nílẹ̀ Yorùbá." Níbẹ̀, òwe náà ti ní ẹni tó dúró tì í, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti dín kù sí èyí tó lè ṣe.

Ṣe àkíyèsí pé màmá kò pa òwe náà fún wa. Ìwọ lo pa á. Má ṣe fi sí i lẹ́nu. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, má kọ́kọ́ dárúkọ òwe kankan. Bi wọ́n nípa oúnjẹ, kí o sì dúró wò bóyá òwe yóò jáde fúnra rẹ̀. Bí ó bá jáde, kọ ẹni tó pa á sílẹ̀, ẹni tó pa á fún, ohun tí wọ́n ń sọ lọ́wọ́, àti bí ẹni kejì ṣe dáhùn. Láti ọdún 1964 ni Arewa àti Dundes, àwọn onímọ̀ nípa àṣà ìbílẹ̀, ti fi òwe Yorùbá hàn ayé pé ìtumọ̀ òwe wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa á àti ẹni tí a ń pa á fún, pé òwe tí a kàn tò sínú àkójọ láìsí ìwọ̀nyí kò tíì pé. Òwe tí o rí lórí Fesibúùkù, tí ẹnìkan fi àwòrán àgbà ọkùnrin sí lẹ́yìn, kò ní ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀.

Kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe pè é pẹ̀lú. Màmá ní "uyán" lókè yìí. Bí wọ́n bá ń sọ èdè Èkìtì bọ̀, "usu," "ulé," "uyán," tí wọ́n wá dé ibi òwe tí ohùn wọn yí padà sí "iyán lóúnjẹ," ìyẹn lè jẹ́ àmì pé ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí rédíò ni òwe náà ti wọlé. Mo ní "lè jẹ́," nítorí àwọn àgbà mìíràn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ ohùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wúwo. Bí o bá tún un kọ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, o ti pa àmì náà rẹ́.

Dáre Ifákì

Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, mo fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ àìfẹ́ gba ti ilé ẹni tí ẹ sọ. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa láti máa béèrè pé "ta ló rí i?" Sódípọ̀ àti Hallen, àwọn onímọ̀ nípa ìmọ̀ ọgbọ́n orí, gbé ìwé kan jáde ní 1986 lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jókòó lórí ọ̀rọ̀ "mọ̀" àti "gbàgbọ́." Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé èyí tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí ló lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, gbígbà ló gbà á gbọ́, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ níyì tó. Ohun tí wọ́n fà lé wa lọ́wọ́ látẹ̀yìn wá bọ́ sí abẹ́ ìgbàgbọ́, títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìròyìn ò tó àfojúbà, ṣebí àwa náà la ni í.

Àdùnní Ọ̀yẹ́

Dáre, o ní òwe kì í ṣe ẹ̀rí, o wá fi òwe parí ọ̀rọ̀ rẹ. Báwo nìyẹn?

Dáre Ifákì

Ẹ jàre, ẹ mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ ti dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìjókòó nìyí. Bí mo bá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ìwé Sódípọ̀ àti Hallen ni màá tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Màá lè fi òwe náà bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kó gbé ẹrù ìpínrọ̀ náà.

Àdùnní Ọ̀yẹ́

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tèmi kò tíì lọ. Bí ẹ bá ní kí òwe máa wá pẹ̀lú ẹlẹ́rìí nígbà gbogbo, ọ̀pọ̀ àwọn tó lè jẹ́rìí ti kú. Ìyá ìyá mi kú pẹ̀lú òwe tó pọ̀ lẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò gba ohùn wọn sílẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n sọ ti wá di asán ni?

Bàbá Olùkọ́ (Adó)

Kò di asán, ọmọ mi. Ìwọ tí o gbọ́ ọ ni ẹlẹ́rìí. Jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí: ọdún tí o rò pé ó jẹ́, ibi tí ẹ wà, ohun tí o ṣe tí wọ́n fi pa á fún ọ. Kọ ọ́ pẹ̀lú pé ìrántí rẹ ni, pé ọdún báyìí ti kọjá kí o tó kọ ọ́. Ẹ̀rí ni, bí ó tilẹ̀ ní àbùkù, a sì ti fi àbùkù rẹ̀ hàn.

Ìwé àtijọ́ náà wà. Àjàyí Crowther gbé ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tún òmíràn tó kún ju ìyẹn lọ ṣe ní 1852, òwe pọ̀ nínú rẹ̀. Bí òwe kan bá wà níbẹ̀, o lè sọ láìmikàn pé ó kéré tán, wọ́n ti ń pa á ní 1852. Bí kò bá sí níbẹ̀, má ṣe sọ pé kò tíì sí nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tó lè kó òwe Yorùbá tán. Rántí pẹ̀lú pé ọmọ Ọ̀ṣogùn ni Crowther, apá Ọ̀yọ́ níbẹ̀, àti pé àárín àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ní Sàró ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ìwé rẹ̀ kò lè jẹ́rìí fún Ìkẹ́rẹ́ tààrà.

Òwe ń rìn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Gbogbo wa ní Èkìtì là ń sọ pé "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀." Ṣé ẹ̀rí ni pé ẹṣin pọ̀ níbí láyé àtijọ́? Igbó ló bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa, eṣinṣin tó ń gbé àrùn ẹran wà níbẹ̀, ẹṣin kì í pẹ́ kú. Ọ̀dàn, níbi tí Ọ̀yọ́ wà, ni ẹṣin ti ń gbèrú. Ọ̀rọ̀ náà wọlé bá wa, ẹṣin kò bá a wọlé tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí o tó sọ pé òwe kan ń ròyìn ìlú rẹ, kọ́kọ́ béèrè bóyá ìlú rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ohun tó wà nínú ìkòkò, lọ sí Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn. Àwọn fáìlì Èkìtì láti ìgbà tí a wà lábẹ́ Ẹkùn Oǹdó wà níbẹ̀. Wá ibi tí wọ́n ti kọ nípa iṣu, iye tí wọ́n ń tà á, àti ìgbà ọ̀wọ́n. Kà á pẹ̀lú ìfura tí Àdùnní sọ nípa àwọn ajẹ́lẹ̀, kí o sì gbé e síwájú ohun tí màmá Ìkọ̀lé sọ. Ìgbà òyìnbó ni àwọn fáìlì wọ̀nyẹn ń sọ, ìgbà èwe màmá sì tún wà lẹ́yìn wọn. Àkọlé rẹ ní "kí òyìnbó tó dé." Ìwọ àti alábòójútó rẹ ní láti bá ara yín sọ ọ́ bóyá ẹ̀rí tí o ní lè dé ibẹ̀, tàbí kí ẹ gbé àkọlé náà bọ̀ sí ìgbà tí ẹ̀rí rẹ tó.

Táyọ̀ Àgbẹ̀ (Ìdó)

Ẹ̀kọ́ nípa irè oko ni mo kà, n kì í ṣe onímọ̀ èdè. Ẹ dákun, ẹ wo ìparí òwe náà. Ẹ̀kọ wà níbẹ̀, gúgúrú wà níbẹ̀. Àgbàdo kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492, ó sì dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Iṣu funfun ní tirẹ̀, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn láti ayébáyé. Nítorí náà, òwe yìí kò lè ju àgbàdo lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé kò dárúkọ gàrí. Bóyá gàrí kò tíì gbilẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ṣé ẹ̀rí kọ́ nìyẹn? Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ fún wa nípa àgbàdo nínú òwe náà, ó kàn yọ sílẹ̀ ni.

Bàbá Olùkọ́ (Adó)

Táyọ̀, ìwọ lo mú èyí tó dára jù wá látàárọ̀. Ohun tí òwe sọ láìní in lọ́kàn láti sọ ló máa ń wúlò jù fún òpìtàn, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi í jà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n dá ọ dúró díẹ̀. Ẹ̀kọ kì í ṣe ti àgbàdo nìkan, ẹ̀kọ bàbà wà, ọkà bàbà sì ti wà nílẹ̀ yìí kí àgbàdo tó dé. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ ti wà kí irúgbìn tuntun tó bọ́ sínú rẹ̀. Gúgúrú ńkọ́? Bàbà náà ṣeé yan kó bú. Ó sì tún lè jẹ́ pé ìdajì àkọ́kọ́ òwe náà ti pẹ́, kí wọ́n wá so gúgúrú mọ́ ọn nídìí. Ní ti gàrí, àìdárúkọ rẹ̀ kò tó láti gbé ohunkóhun lé.

Táyọ̀ Àgbẹ̀ (Ìdó)

Mo gbà ti gàrí. Ti gúgúrú, n kò tíì gbà tán. N kò rí ẹni tó ń pe bàbà yíyan ní gúgúrú níbikíbi ní Èkìtì.

Bàbá Olùkọ́ (Adó)

Lónìí ni o kò rí i. Ohun tí a ń wá ni ohun tí wọ́n ń pè é nígbà náà. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Ọmọ Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo tún ìpínrọ̀ náà kọ, mo sì fi ránṣẹ́. Alábòójútó mi gbà kí òwe dúró lábẹ́ ọ̀rọ̀ iyì oúnjẹ, ó sì ní kí n gbé àkọlé wá sí "láàárín ọdún 1930 sí 1960." Ṣùgbọ́n gègé pupa tún wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó fi òbìrí yí "ọkà" ká, ó kọ ọ́ pé: "Ọkà wo? Ti èlùbọ́ iṣu ni, tàbí bàbà?" N kò rò ó rí. Láti kékeré ni mo ti gbà pé ti èlùbọ́ ni.

Màmá Oníyán (Ìkọ̀lé)

Ti èlùbọ́ ni o, ọmọ mi. Ọkà tí à ń rò lórí iná.

Àmọ́ nígbà tí mo ronú sí i lálẹ́ àná, mo rántí pé ìyá bàbá mi máa ń lọ nǹkan pupa kan lórí ọlọ, wọ́n ń fi ṣe ohun kan tí àwa ọmọdé kì í fẹ́ jẹ, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé kí a jẹ ẹ́ kí ara wa lè le. N kò rántí orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì wà láyé ní Ìṣàn, wọ́n jù mí lọ dáadáa. Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, bọ́ sọ́dọ̀ mi lówùúrọ̀, a ó jọ lọ bi wọ́n. N kò ní sọ ohun tí o ń wá fún wọn tẹ́lẹ̀.